Alẹ́ tí àpilẹ̀kọ Àṣàbí di òdo

Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja kan ilẹ̀kùn mi. Àṣàbí ni mo máa pè é níbí, torí kò rán mi níṣẹ́ kí n dárúkọ òun fáráyé. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Òkè-Pósùn, ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja àrọ̀ lọ tà ní ọjà Olúwo, èmi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀.

Fíláàṣì dúdú kékeré kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún, ara rẹ̀ kò sì gbọ̀n, torí kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní láápútọ́ọ̀pù yín fún wákàtí kan péré. Iná lọ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọ́n ní epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì lé wa jáde. Díẹ̀ ló kù kí n parí àpilẹ̀kọ ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ọ̀la la máa fi í sílẹ̀, aago méjìlá ọ̀sán."

Mo mọ iṣẹ́ tó ń sọ. Ẹja ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ìwádìí. Ó ń wọn ẹja àrọ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí iná, ó tún ń wọ̀n ọ́n nígbà tó bá gbẹ tán, kí ó lè mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ààrò onídúrọ́ọ̀mù tí gbogbo ìyá ń lò àti ààrò alámọ̀ tí kì í jẹ́ kí ooru sá. Oṣù márùn-ún ló fi wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo bá a pààrọ̀ bátìrì òṣùwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ki fíláàṣì bọ láápútọ́ọ̀pù, ó yọjú bíi `E:`. Fáìlì kan ṣoṣo la rí níbẹ̀, `Chapter1-5 new.docx`. Kí n tó wo orúkọ, ìwọ̀n ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, àṣà iṣẹ́ ni. `0 KB` ló wà níwájú rẹ̀.

Àṣàbí ti na ọwọ́ sí máòsì láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má ṣí i."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi kò bá a rín, ó rọra jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, kò wo ọ̀dọ̀ àga rárá.

Ìdí tí mo fi ní kó má ṣí i rèé. Fáìlì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òdo kì í bá Word jà. Word á ṣí i, á gbé ojú ìwé funfun kan síwájú ẹni, kò ní sọ pé nǹkan bàjẹ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti já á wá máa tẹ ibí, á máa tẹ ọ̀hún, nígbà tó bá ṣe, á tẹ sééfù. Gbogbo ohun tuntun tí a bá sì kọ sórí fíláàṣì lákòókò yẹn, ó lè bọ́ sórí ibi tí èyí tí à ń wá wà. Fáìlì tí a bá pa rẹ́ kì í kúrò lójú ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń yọ nínú ìwé, yàrá rẹ̀ á wá di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé. Nítorí náà, òfin mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé a ò ní kọ ohunkóhun sórí fíláàṣì náà mọ́, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́: ṣé orí fíláàṣì gan-an ló ti ṣí iṣẹ́ náà, àbí ó kó o sórí kọ̀ǹpútà wọn ná? Ó ní orí fíláàṣì ni. Èkejì: ìgbà mélòó ló tẹ sééfù láti ìgbà tó ti jókòó? Ó ronú, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí òun dé láti ibi ìrun Mọ̀gàríbì, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí òun to tábìlì kẹjọ tán. Ẹ̀kẹta ńkọ́? "Ìka mi ṣì wà lórí rẹ̀ ni iná lọ." Ìbéèrè kẹta ni bóyá ó pa Word dé kó tó yọ fíláàṣì. Báwo ni yóò ṣe pa á dé nígbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti kú? Kò sí bátìrì kankan lábẹ́ tábìlì wọn tó lè gbé e dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tó sọ èyí tó kẹ́yìn yìí ni ara mi wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó pa á dé bó ṣe yẹ ni, ohun tí a fẹ́ wá yìí kì bá ti sí níbẹ̀.

Ẹ wò ó bí Word ṣe ń ṣe sééfù. Kì í kọ iṣẹ́ tuntun lé orí ti àtijọ́. Bí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe ń ṣe pẹ̀lú atẹ rẹ̀ ló ń ṣe. Ìyá kì í da ẹja tó wà lórí atẹ àkọ́kọ́ nù kí atẹ kejì tó kún. Word á kọ́kọ́ kọ gbogbo iṣẹ́ sínú fáìlì ìgbà díẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `~WRD`. Nígbà tó bá kọ ọ́ tán, á mú fáìlì àtijọ́, á sọ ọ́ lórúkọ tuntun: `~WRL`, nọ́ńbà mẹ́rin, àti `.tmp` nídìí. Lẹ́yìn náà ni á wá gbé orúkọ gidi fún èyí tuntun. Àwọn `~WRL` yìí kì í sì kúrò bọ̀rọ̀. Word sábà máa ń fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹni náà á fi pa iṣẹ́ rẹ̀ dé, nígbà náà ló tó gbá wọn nù. Inú fódà kan náà tí iṣẹ́ wà ni wọ́n ń wà, ìyẹn ni pé orí fíláàṣì Àṣàbí ni. A ò rí wọn lójú torí pé wọ́n fara pamọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àṣàbí ni pé iná lọ nígbà tí wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ tán, ṣùgbọ́n ohun inú fáìlì tuntun kò tíì balẹ̀ sórí fíláàṣì. Orúkọ dé, ara kò dé. Ẹni tó yẹ kó wá gbálẹ̀, iná kò jẹ́ kó dé.

Mo ṣí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo ní kó fi gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ hàn mí, èyí tó fara pamọ́ àti èyí tí kò fara pamọ́, kó sì tò wọ́n láti orí èyí tó pẹ́ jù:

```
dir /a /od E:\

11/13/2024  10:07 PM    1,702,914 ~WRL0004.tmp
11/14/2024  05:03 PM          162 ~$apter1-5 new.docx
11/14/2024  06:52 PM    1,755,360 ~WRL2318.tmp
11/14/2024  08:41 PM    1,846,277 ~WRL0761.tmp
11/14/2024  09:14 PM            0 Chapter1-5 new.docx
```

Àṣàbí fò dìde. "Òun nìyẹn! Ẹ wo orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn!" Èyí tí ó ní `~$` níwájú ló ń tọ́ka sí. Ó dùn mí láti sọ fún un pé kì í ṣe òun. Ìwé pélébé lásán ni Word máa ń fi síbẹ̀ láti sọ pé ẹnì kan ti ṣí fáìlì yìí o, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án. Orúkọ ẹni tó ṣí i ló wà nínú rẹ̀. Báìtì 162 kò lè gba àpilẹ̀kọ kankan, kò gba tó ojú ìwé kan. Mo ti rí ẹnì kan tó gbé irú fáìlì yìí kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń san owó fún àwọn tó ní àwọn á bá a ṣí i.

Àwọn mẹ́ta tó ní `~WRL` níwájú ni mo ń wò. Ẹ jẹ́ ká bá ìtàn Àṣàbí lọ, kí ẹ rí i bó ṣe bá ohun tó wà lójú mu. Sééfù ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe, `~WRL` mẹ́ta ló wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe rí kó tó tẹ sééfù ọ̀hún. Èyí tó ní aago 10:07 alẹ́ àná ni iṣẹ́ tó gbé wá láti ilé. Èyí tó ní 6:52 ni ohun tó pa mọ́ lẹ́yìn ìrun. Èyí tó ní 8:41 ni ti tábìlì kẹjọ. Ti 9:14 ni iná gbé lọ.

Àṣàbí ní ká mú 2318, torí òun ni nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn kò tẹ̀léra, kò sọ èyí tó kẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni. Aago ni ká wò. 0761 ló kẹ́yìn, òun náà ló wúwo jù.

Mo kọ `copy` láti kó wọn sórí láápútọ́ọ̀pù. Ó fèsì pé `The system cannot find the file specified.` Àṣàbí wo ojú mi bí ẹni tí wọ́n ń pa àlọ́ fún, torí fáìlì náà wà lókè níbẹ̀ tí à ń wò ó. Ẹ̀bi mi ni. `copy` kì í rí ohun tó bá fara pamọ́. `xcopy` ló lè rí i, bí a bá fi `/h` sí i:

```
xcopy /h E:\~WRL*.tmp C:\Asabi\
attrib -h C:\Asabi\*.tmp
```

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Mo yọ fíláàṣì, mo fi í sínú àpótí tábìlì, mo sì ti àpótí náà. Láti ibẹ̀ lọ, orí ẹ̀dà nìkan la ti ń ṣiṣẹ́.

Kí n tó yí orúkọ padà, mo fi Notepad ṣí 0761. Ìran tó ń dẹ́rù ba èèyàn ni, jágbajàgba láti òkè dé ilẹ̀. Mo fi ìka hàn án ní lẹ́tà méjì àkọ́kọ́: `PK`. Fáìlì `.docx` kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo, àpò tí wọ́n di ọ̀pọ̀ ìwé kéékèèké sí ni, `PK` sì ni àmì tó máa ń wà lẹ́nu irú àpò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àyè òfìfo lásán ló kún ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, à bá ti mọ̀ pé ìwọ̀n ló wà, kò sí ẹrù. Ṣùgbọ́n `PK` nìkan kò tó láti fi yọ̀. Ìdí àpò ni wọ́n ń kọ àtòjọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí. Fáìlì tí wọ́n bá kọ dé ìdajì, á ní `PK` lórí, Word á sì kọ̀ láti ṣí i. Èyí ló mú kí inú mi dùn pé `~WRL` la rí. Iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ parí ní 8:41 ni, tí wọ́n wulẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà. `~WRD` ló sábà máa ń jẹ́ èyí tó já lágbedeméjì.

```
ren C:\Asabi\~WRL0761.tmp agbapada.docx
```

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé ọwọ́ kúrò.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí. Ojú ìwé àkọ́kọ́ yọ, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àṣàbí kò wo ìyẹn. Ó gba máòsì lọ́wọ́ mi, ó yí i lọ sísàlẹ̀ kíákíá, ó dúró lórí tábìlì kẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka nọ́ńbà inú rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ìgbà tó kà á tán ló tó sunkún.

Igbe yẹn ni Ìyá Ẹlẹ́ja gbọ́ tó fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, òórùn èéfín lára aṣọ.

"Ẹnjiníà, kí ló dé? Wọ́n jí i ni?"

"Rárá, Ìyá. Ó fara pamọ́ ni. A ti rí i."

"Ta ló fi pamọ́?"

Mi ò mọ bí n ṣe fẹ́ dá a lóhùn. Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó pòṣé, ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan yẹn kò ní ìwà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà bọ̀ o. Láti 8:41 sí 9:14 jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yẹn kò sí nínú 0761. Àṣàbí mọ ohun tó wà níbẹ̀: ojú ìwé kan ààbọ̀ nínú orí karùn-ún, níbi tó ti ń gba àwọn tó ń yan ẹja nímọ̀ràn, àti orúkọ ìwé méjì tí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní kó tún kọ. Iná láápútọ́ọ̀pù mi ku ìdá méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún, NẸ́PÀ kò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí tún un tẹ̀. Orí láápútọ́ọ̀pù ni mo jẹ́ kó máa tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe orí fíláàṣì. Nígbà tó parí, ó fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí Wásáàpù, ó fi ránṣẹ́ sí èmi, ó tún fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fáìlì. Aago kan òru ti kọjá, iná ku ìdá mẹ́sàn-án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwa la kọ́kọ́ wọlé. Kọ̀ǹpútà àná ló jókòó sí, bóyá kó lè bá a jà. Bó ṣe ṣí Word, kò tíì tẹ nǹkan kan, pátákó kan yọ lápá òsì: `Document Recovery`. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, aago 9:08 alẹ́ àná.

Èyí yàtọ̀ sí `~WRL`. Word máa ń fúnra rẹ̀ ya ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá bí iṣẹ́ bá ti yí padà, bí ẹnikẹ́ni kò bá tún ìṣẹ́jú náà tò. Orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń lò ni ẹ̀dà yìí ń wà, níbi tó jìn gan-an tí wọ́n ń pè ní `AppData\Roaming\Microsoft\Word`, `.asd` ló sì máa ń wà nídìí orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè rí i lórí fíláàṣì lálẹ́. Bí sééfù rẹ̀ ìkẹyìn bá yọrí, Word ì bá ti pa á rẹ́. Sééfù tí kò yọrí yẹn ló gbà á là. Bí ẹlòmíràn bá sì ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú wa, tó rí pátákó yẹn, tó tì í dànù kó lè ráyè tẹ lẹ́tà tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti lọ. Àwọn sẹ́ńtà kan tilẹ̀ wà tí kọ̀ǹpútà wọn máa ń gbàgbé gbogbo nǹkan bí wọ́n bá ti tún un tàn.

Àṣàbí ṣí i. Ojú ìwé kan ààbọ̀ àná wà níbẹ̀, ó ku gbólóhùn bíi mẹ́rin. Mo rò pé á bínú pé òun fi oorun du ara òun lásán. Ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ń kà wọ́n. Ó ní èyí tí òun kọ lóru ló dáa jù, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ti àná tí òun gbàgbé pátápátá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ ni, pé owó èédú ló ń pa àwọn, kì í ṣe owó ẹja. Ó gbé e bọ́ sínú ti tuntun. Ó tẹ ẹ̀dà mẹ́ta jáde, ó gbé wọn lọ fún ẹni tó ń di ìwé lẹ́yìn ilé, ó sì fi ọ̀kadà gbé wọn lọ. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ló pè mí pé wọ́n ti buwọ́ lù ú.

Fíláàṣì náà ṣì wà nínú àpótí mi. Ó ní òun kò fẹ́ rí i mọ́.

Lálẹ́ Sátidé, Ìyá Ẹlẹ́ja rán ẹja àrọ̀ gbígbẹ méjì sí mi. Ìwé funfun ló fi wé wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀rọ bà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Epo ẹja ti wọ ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì lè kà á: Tábìlì 8, ìwọ̀n ẹja kó tó gbẹ, ìwọ̀n ẹja lẹ́yìn tó gbẹ.